Síífíì Àgbà Kan, Ọmọ Púpọ̀: Ohun Tí Iṣẹ́ Sítọ́ọ̀ Kọ́ Mi Nípa Ìwé Ìwáṣẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Mo wà láàárín páálí oògùn ibà nínú sítọ́ọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Obìnrin kan ló pè. Ó sọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwọn ti rí síífíì mi, pé òun kàn fẹ́ bi mí ní ìbéèrè méjì kí àwọn tó ní kí n máa bọ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo sáré jáde sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ariwo ọkọ̀ kò ti ní pọ̀ jù.

Ó ní: “Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba owó padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?”

Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo parọ́. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn lóòótọ́ ní báńkì kékeré kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń yá àwọn oníṣòwò ọjà lówó. Àmọ́ mi ò rántí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé kankan, mi ò sì mọ èwo nínú àwọn síífíì mi ló wà níwájú rẹ̀. Mo ń kólòlò, ó ní kò burú, ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Wọn ò pè mí mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi kí n lè wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn gan-an. Fáìlì mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀: `CV_new`, `CV_new2`, `CV_bank`, `CV_final`, `CV_final_gan`, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀kan, mo kúrò ní báńkì ní oṣù kẹta ọdún 2019. Nínú òmíràn, oṣù karùn-ún ni. Iṣẹ́ kan tí mo fi ń yangàn wà nínú `CV_new2` nìkan, mi ò sì rí i níbòmíràn mọ́.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni mí. Ní sítọ́ọ̀, oríṣi ẹrù kan, káàdì kan. Tí páálí kan bá wọlé, o kọ ọ́. Tó bá jáde, o kọ ẹni tó gbé e, ọjọ́ tó gbé e àti iye tó kù. Bí ẹnikẹ́ni bá kó ẹrù kan náà sí ibi mọ́kànlá láì ní káàdì, èmi ni màá kọ́kọ́ pariwo. Bí mo sì ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ ayé mi nìyẹn.

Mo ní Àǹtí kan ní àdúgbò wa tó ti lé lọ́dún 10 lẹ́nu iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n yí ìwé náà sókè sódò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ìwé tó o fi ń rántí àti ìwé tó o fi ń ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìwọ fẹ́ kí ìwé kan ṣe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe ìkankan.”

Ìwé tí mo fi ń rántí ni mo wá ń pè ní síífíì àgbà. Ẹnikẹ́ni kì í rí i yàtọ̀ sí èmi. Kò ní gígùn tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Tèmi jẹ́ ojú ìwé 9 lónìí. Gbogbo ìwé tí mo bá fi ránṣẹ́, inú rẹ̀ ni mo ti ń gé e.

Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí láti kọ ọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kíkó ohun èlò jọ ni mo fi ṣe, mi ò tíì kọ nǹkan kan. Mo wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi méjèèjì jáde, ìwé owó oṣù, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, àti ìwé kékeré tí mo máa ń kọ àbájáde kíka ẹrù oṣooṣù sí fún ara mi. Mo tún wo àwọn ímeèlì tí mo fi dágbére fún àwọn ará iṣẹ́. Ìwé owó oṣù ló yanjú ọ̀rọ̀ ìgbà tí mo kúrò ní báńkì: oṣù kẹrin ni wọ́n san owó fún mi kẹ́yìn. Fáìlì méjèèjì ló kọ ọ́ ṣì. Irú àṣìṣe báyìí kì í dun ẹnìkan títí di ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ tuntun bá kọ̀wé sí ti àtijọ́ pé kí wọ́n jẹ́rìí sí ọjọ́ tí o wọlé àti ọjọ́ tí o jáde.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mo kọ orúkọ ipò mi gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, oṣù àti ọdún, ohun tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe ní ìlà kan, ọ̀gá tí mo ń jábọ̀ fún, iye ènìyàn tó wà lábẹ́ mi, àti irinṣẹ́ tí mo lò. Ìyẹn rọrùn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e, èyí tó ń sọ ohun tí mo ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni: “Mo ń ka ẹrù lóṣooṣù.” Àǹtí wò ó, wọ́n ní, “Ta ni kì í kà á?” Wọ́n ní kí n bi ìlà náà ní ìbéèrè mẹ́rin: kí ni gan-an, mélòó, kí lo fi ṣe é, kí ló yí padà? Mo padà sínú ìwé kékeré mi. Oríṣi oògùn 640 là ń kà, èmi àti ènìyàn 3. Orí Excel la ń kọ àbájáde sí. Ní oṣù tí mo gba iṣẹ́ náà, oríṣi 41 ni iye tó wà lórí káàdì kò bá èyí tó wà lórí pẹpẹ mu. Oṣù 9 lẹ́yìn náà, ó ti di 9. Ìlà náà wá di: “Mo darí kíka ẹrù lópin oṣù fún oríṣi oògùn 640 pẹ̀lú ènìyàn 3, láàárín oṣù 9, oríṣi tí kò bá káàdì mu dín kù láti 41 sí 9.” (Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ wọ́n o, nítorí òun ni àwọn agbanisíṣẹ́ wa ń kà. Mo yí wọn sí tiwa níbí ni.)

Iye tí mi ò lè fi ọwọ́ sọ ibi tí mo ti rí i, mi ò kọ ọ́. Bí mi ò bá ní iye, mo kọ ohun tó yí padà láì ní iye. Mo sì yẹra fún náírà. Iye oríṣi ẹrù tí kò bára mu kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iye owó ọjà tó bàjẹ́ nínú iléeṣẹ́ kan kì í ṣe tèmi láti máa gbé kiri ìlú. Àǹtí sọ fún mi pé àwọn ti kọ ẹnìkan sílẹ̀ rí nítorí pé ó kó ìṣirò owó ọ̀gá rẹ̀ sínú síífíì. Ẹni tó tú àṣírí ọ̀gá àná, ti èwo ló máa bò?

Nígbà tí mo parí, ìlà 74 ni mo ní. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí a ṣe ń ṣe fún ẹrù, mo sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ irú iṣẹ́ tó lè wúlò fún: S fún sítọ́ọ̀, O fún owó, E fún títọ́jú ènìyàn. Ìlà kan lè gba àmì méjì. Ó rí báyìí:

```
S07 [S][E] kíka ẹrù lópin oṣù, oríṣi 640, ènìyàn 3: 41 -> 9
S09 [S]    títo oògùn: èyí tó máa tètè bàjẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde
O04 [O][S] fífi káàdì sítọ́ọ̀ wé ìwé owó lóṣooṣù
E02 [E]    kíkọ́ agbẹ́rù 3 láti ka ọjọ́ ìbàjẹ́ lára páálí
```

Àǹfààní nọ́ńbà ni pé mo lè sọ̀rọ̀ nípa ìlà kan láì tún un kọ. Àǹfààní àmì sì ni pé bí mo bá tẹ `Ctrl+F`, tí mo wá `[O]`, gbogbo ohun tí mo ti ṣe nípa owó á fara hàn mí lẹ́ẹ̀kan náà, yálà báńkì ni mo ti ṣe é tàbí sítọ́ọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí S09, O04 àti E02, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 2021, oògùn ń bàjẹ́ sọ́wọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó fà á kò le: bí ẹrù tuntun bá dé, iwájú pẹpẹ ni àwọn agbẹ́rù ń kó o sí, ti àtijọ́ á wà lẹ́yìn títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Mo ní kí a tú gbogbo pẹpẹ, kí a tún un tò kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù wà níwájú. Mo kọ́ àwọn agbẹ́rù mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa ka oṣù àti ọdún tó wà lára páálí. Lópin oṣù, mo jókòó pẹ̀lú akọ̀wé owó láti rí i pé ohun tí mo ní kí wọ́n kó dànù ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé tiwọn náà.

Nínú àwọn síífíì mi àtijọ́, gbogbo èyí wà nínú ìlà gígùn kan tó rí gbúdugbùdu, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà dé ìdí. Nígbà tí mo pín in sí mẹ́ta, mo rí i pé ẹni tó ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fẹ́ gbọ́ nípa pẹpẹ, ẹni tó ń wá akọ̀wé owó fẹ́ gbọ́ nípa ìwé méjì tó bára mu, ẹni tó ń wá alábòójútó sì fẹ́ gbọ́ nípa àwọn agbẹ́rù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tí mo kọ sí wọn.

Ó ní ibi tó mọ. Mo fẹ́ gba iṣẹ́ kan rí lọ́dọ̀ àjọ tó ń pín oògùn fún ìgbèríko. Wọ́n ń wá ẹni tó ti lọ láti ilé dé ilé láti gba ìsọfúnni sílẹ̀. Mo wá gbogbo ìlà 74 náà, kò sí ọ̀kan tó ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ohun tó súnmọ́ ọn jù ni pé mo máa ń bẹ àwọn tó yá owó wò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àmọ́ owó ni mo ń lọ gbà, kì í ṣe ìsọfúnni. Mi ò kọ̀wé sí wọn. Tẹ́lẹ̀, màá ti lo ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta kí n tó gbà pé kò lè ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni.

Mi ò kì í gé ìwé láti ara àgbà tààrà mọ́ o. Bí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà 74 ni màá máa wò ní gbogbo ìgbà. Láàárín àgbà àti ohun tí mo ń fi ránṣẹ́, mo ní ọmọ mẹ́ta, ojú ìwé méjì méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ sítọ́ọ̀, ọ̀kan fún iṣẹ́ owó, ọ̀kan fún iṣẹ́ alábòójútó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà bí 18, èyí tó lágbára jù nínú irú rẹ̀. Nígbà tí ìpolówó iṣẹ́ kan bá jáde, mo mú ọmọ tó súnmọ́ ọn jù, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ni mo sì ń gé. Ọmọ-ọmọ ni mò ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí mo ṣe ní ọdún tó kọjá. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń kó nǹkan fún ilé ìwòsàn ń wá `Inventory Officer`. Ìpolówó náà béèrè nǹkan 10. Mo dà á sínú ìwé kan, mo sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé ohun tó ń dùn wọ́n gan-an ló sábà máa ń wà lókè. Tó bá ti dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ “ẹni tó lè fara da iṣẹ́ líle” ló máa ń kù, èyí tí wọ́n máa ń kọ sí ìpolówó gbogbo. Mo fi èyí sílẹ̀, ó wá ku márùn-ún. Mo kọ nọ́ńbà ìlà mi sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
kíka ẹrù lóṣooṣù lórí Excel   S07, S11
ọjọ́ ìbàjẹ́ ọjà                S09
kí káàdì bá ìwé owó mu        O04
bíbójú tó ènìyàn 4            E02, S07
SAP                           kò sí
```

O04 kò sí nínú ọmọ sítọ́ọ̀ mi. Inú ọmọ owó ló wà. Bí kì í bá ṣe nọ́ńbà, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kẹta tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Mo mú un wá láti ara àgbà. Ti SAP, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń tọ́jú ẹrù àti owó, mi ò fọwọ́ kàn án rí. QuickBooks àti Excel ni mo lò. Mo kọ méjèèjì síbi irinṣẹ́, mi ò dárúkọ SAP rárá. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sọ bó ṣe jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń gé. Ìlà 18 di 13. Àwọn márùn-ún tó dáhùn ohun tí wọ́n béèrè ni mo gbé sókè lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n wà, nítorí pé ẹni tó ní síífíì púpọ̀ níwájú kì í kà dé ìsàlẹ̀ kó tó pinnu. Ọdún tí mo fi ṣe àgùnbánirọ̀, tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò, ní ìlà márùn-ún tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ di ẹyọ kan. Mi ò yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí mo bá yọ ọ́, ọdún kan á ṣófo nínú ìwé náà, ẹni tó ń kà á á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí mo wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ lílò. Ìpolówó náà ń sọ `inventory control`, ìwé mi ń sọ `store keeping`. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yan ìwé bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá inú fáìlì 200, tèmi kò ní jáde. Nínú àwọn ìlà, mo lo ọ̀rọ̀ tiwọn. Nínú orúkọ ipò, mo fi `Store Keeper` sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi, torí pé orúkọ yẹn ni ọ̀gá mi àtijọ́ máa dá bí wọ́n bá pè é. Ìlà mẹ́ta tó wà lókè, tó ń sọ ẹni tí mo jẹ́ ní ṣókí, ni mo kọ tuntun. Gbogbo rẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú 25. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe lọ́nà yìí gbà ju wákàtí méjì lọ.

Kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, mo fara gbá nǹkan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo kọ síífíì àgbà, mo ṣí i, mo ń gé e fún iṣẹ́ kan, mo gé e dáadáa di ojú ìwé méjì, mo sì tẹ `Save`. Àgbà lọ. Orí láptọ́ọ̀pù mi nìkan ló wà. Ẹ̀dà tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ara mi nínú ímeèlì ló gbà mí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà ṣòfò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbé e lọ sí Google Docs. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń tẹ, kí n tó fọwọ́ kan lẹ́tà kan, ni `File > Make a copy`. Bí mo bá sì tún ṣe àṣìṣe, `File > Version history` á jẹ́ kí n rí bí ìwé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Èkejì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ọkùnrin kan wo ìwé mi níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni S11?” Mo ti gbàgbé láti yọ nọ́ńbà kan kúrò. Mo sọ òtítọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ òógùn bò mí. Nísinsìnyí, kí n tó sọ ọmọ-ọmọ di `.pdf`, mo máa ń fi `Ctrl+F` wá àmì `[`, mo tún ń wá orúkọ iléeṣẹ́ tí mo kọ̀wé sí kẹ́yìn. Mo sì ń yí orúkọ fáìlì padà, nítorí pé ẹni tó gbà á ń rí i. Kò dára kó máa rí `CV_final_gan`.

Ẹ̀kẹta ni ẹwà. Mo ra àwòṣe síífíì kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní káfé: ó ní apá méjì, àwọ̀ búlúù, nọ́ńbà fóònù mi wà nínú àpótí kékeré kan lápá òsì. Ó wuyì lójú. Àǹtí ní kí n tẹ `Ctrl+A` àti `Ctrl+C`, kí n lọ dà á sínú Notepad. Háà! Nọ́ńbà fóònù mi bọ́ sí àárín orúkọ ilé ìwé mi, oṣù tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan wà lábẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde nínú síífíì kí ènìyàn tó rí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń rí i bí Notepad ṣe rí i yẹn. Ó ní bí èèyàn ṣe máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀: bí o bá gbé síífíì sórí ìkànnì iṣẹ́ kan, tí fọ́ọ̀mù wọn ń kún ara rẹ̀, wo ohun tó kọ. Bó bá fi orúkọ ilé ìwé sí àyè agbanisíṣẹ́, ìtò ìwé rẹ ni kò dára. Mo padà sí apá kan ṣoṣo, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí àpótí, kò sí àwòrán. Owó ọmọkùnrin yẹn ṣì ń dùn mí.

Nǹkan kan tún wà tó pẹ́ kó tó yé mi. Bí mo bá ń kánjú kọ ọmọ-ọmọ, mo máa ń rí gbólóhùn tó dùn ju ti àgbà lọ. Màá fi ránṣẹ́, màá sì gbàgbé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà màá máa wá a kiri. Ìyẹn gan-an ni bí mo ṣe dé fáìlì mọ́kànlá. Òfin tí mo wá fún ara mi ni pé gígé ń lọ sísàlẹ̀, àtúnṣe ń lọ sókè. Gbólóhùn tuntun tó bá dára, tàbí ọjọ́ tí mo bá rí i pé ó ṣì, mo gbé e padà sínú àgbà kí n tó tẹ `Send`.

Àwọn ohun tó jẹ́ ti ara mi, bí ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tí mo ti wá, àti bóyá mo ti ṣe ìgbéyàwó, wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ àgbà nìkan. Àwọn iléeṣẹ́ kan nílé ṣì ń béèrè wọn. Bí wọn ò bá béèrè, mi ò kì í kọ wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní Manchester gba àwòṣe mi láti fi ṣe tirẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ gbogbo wọn kúrò, àti fọ́tò pẹ̀lú, nítorí pé wọn kì í kọ wọ́n síbẹ̀ lọ́hùn-ún.

Káàdì sítọ́ọ̀ ló kù. Mo ní ìwé Excel kan: ọjọ́, iléeṣẹ́, iṣẹ́, orúkọ fáìlì tí mo fi ránṣẹ́, àwọn nọ́ńbà ìlà tó wà nínú rẹ̀, èsì. Mo tún ń da gbogbo ọ̀rọ̀ ìpolówó náà síbẹ̀, nítorí pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì, o ò sì ní rí i mọ́ nígbà tí wọ́n bá pè ọ́.

Ìwé yẹn ló yọ mí nínú ti Ìkẹjà. Wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mo bọ́ síta, mo ṣí i lórí fóònù: S07, S11, S09, O04, E02. Ọkùnrin náà bi mí nípa fífi káàdì wé ìwé owó. Mo ṣàlàyé fún un láti orí dé ìdí, títí kan ọjọ́ tí èmi àti akọ̀wé owó jà lórí páálí méjì tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Nínú ìwé 12 tí mo ti fi ránṣẹ́ lọ́nà yìí, mẹ́rin ló pè mí. Tẹ́lẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ iye tí mo fi ránṣẹ́. Mi ò lè sọ pé gígé nìkan ló fà á o, torí pé ìgbà kan náà ni mo ṣíwọ́ kíkọ̀wé sí iṣẹ́ tí mi ò ní ìlà fún.

Mo rí iṣẹ́ Ìkẹjà náà gbà, ibẹ̀ ni mo wà di òní. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, kí n tó ti sítọ́ọ̀, mo máa ń jókòó bí ìṣẹ́jú 10 láti kọ ohun tí mo ṣe lóṣù náà. Oṣù mìíràn, òfo ni. Ní oṣù tó kọjá, fíríìjì tí a ń kó oògùn àtọ̀gbẹ sí dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ìwé ìgbóná-òun-ìtutù tí mo ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa kọ ní wákàtí méjì méjì ló jẹ́ kí a tètè mọ̀, a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí fíríìjì kejì kó tó gbóná. S32 ni mo kọ sí i, pẹ̀lú àmì S àti E. Mi ò tíì mọ irú iṣẹ́ tí màá fi wá.